Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Ojú Rírán, Lógò àti Lébẹ́ẹ̀lì Kí Olùyẹ̀wò Tó Wà Lọ́nà Jíjìn Lè Mọ̀ Bóyá Ojúlówó Ni

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé léraléra: “Mo fi àwòrán báàgì mi ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò, ó ní kò hàn tó, kí n tún un yà. Fóònù mi dára, kí ló dé?” Lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù kọ́ ló jẹ̀bi. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá ló bà á jẹ́. Ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí dá lórí báàgì aláwọ, nítorí òun ló ń fún àwọn èèyàn ní wàhálà jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹ ó gbà ya bàtà, bẹ́líìtì àti pọ́ọ̀sì.

## Ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ rí

Ẹni tó ń yẹ ọjà wò láti ọ̀nà jíjìn kò lè fọwọ́ kan án, kò lè gbóòórùn awọ rẹ̀, kò sì lè gbé e wò bóyá ó wúwo. Ohun tí ẹ bá fi hàn án nìkan ló rí.

Lára ojú rírán, ó ń wo bí òwú ṣe dagun sí, bóyá ihò abẹ́rẹ́ kan sí èkejì dọ́gba, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rírán àti ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí. Lára lógò, ó ń wo ìrísí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ṣé róbótó ni O àbí ó gùn, báwo ni ìlà rẹ̀ ṣe nípọn tó, báwo ni lẹ́tà kan ṣe jìnnà sí èkejì, báwo ló sì ṣe wọ inú awọ tó. Lára lébẹ́ẹ̀lì, ó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà, ó tún ń wo bí wọ́n ṣe hun ún àti bí wọ́n ṣe rán an mọ́ ara ọjà.

Èyí tó ṣòro jù láti mú nínú gbogbo rẹ̀ ni bí nǹkan ṣe jìn tó. Àwòrán pẹlẹbẹ ni, kò sí ọ̀nà tí jíjìn fi lè hàn nínú rẹ̀ àfi nípa òjìji. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ fi gba ààyè jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

## Kí ẹ tó gbé fóònù sókè

- Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu lẹ́ǹsì fóònù. Ọ̀rá ìka ọwọ́ tó wà níbẹ̀ ló máa ń mú kí gbogbo àwòrán rí bí ìgbà tí kùrukùru bò ó.
- Ẹ gbọn eruku kúrò lára ọjà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìpara kankan pa awọ. Ìpara máa ń dí ihò abẹ́rẹ́, ó sì ń sọ awọ di ohun tó ń dán gbinrin.
- Ẹ wá ibi pẹlẹbẹ tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú. Aṣọ pupa tàbí búlúù lábẹ́ ọjà yóò ta àwọ̀ tirẹ̀ sára awọ.
- Ẹ mú rúlà tó ní ìlà mìlímítà, àti bébà funfun méjì.
- Ẹ pa iná fíláṣì. Ẹ má lo Portrait, ẹ má lo ohunkóhun tó ń mú àwòrán dán tàbí tó ń mú ara jọ̀lọ̀.
- Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò. Ti iwájú kò lágbára tó o, ó sì lè yí lẹ́tà padà sí òdìkejì bíi ti dígí.

## Ìmọ́lẹ̀: ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé

Ẹ wo ojú ọ̀nà tó ní gbágungbàgun. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí, ẹ lè má rí i. Nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ gba orí ilẹ̀ kọjá, gbogbo kòtò kéékèèké yóò ní òjìji tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sínú awọ ṣe rí. Iná àjà ilé àti fíláṣì fóònù dà bí oòrùn ọ̀sán gangan: wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sínú kòtò, wọ́n sì pa òjìji rẹ́.

1. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà. Ẹ pa gbogbo iná inú yàrá. Bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé àti ti gílóòbù bá dà pọ̀, apá kan awọ yóò pọ́n, apá kejì yóò rí bíi búlúù, olùyẹ̀wò kò sì ní mọ àwọ̀ wo ni òótọ́.
2. Ẹ tẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ yà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn yín. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀: bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti orí awọ, ìwọ̀n dígíríì 15 sí 30 ló dára.
3. Ẹ gbé bébà funfun kan dúró sí òdìkejì fèrèsé, kó lè dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà. Ẹ máa sún un mọ́ ọjà títí òjìji yóò fi rọ̀, ṣùgbọ́n kó má pòórá.
4. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọjà náà padà ní ìdámẹ́rin yípo, kí ẹ tún un yà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, ó sì wà lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù. Ìlà tó bá lọ sí ibi kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ kì í ní òjìji. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọwọ́ òsì wá, igi tó dúró nínú lẹ́tà E yóò hàn kedere, ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta tó nà gbalaja lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Olùyẹ̀wò tó rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè rò pé wọn kò tẹ lẹ́tà náà wọlé dọ́gba, èyí tó jẹ́ àmì ayédèrú, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Bí àwòrán kan ṣoṣo lẹ bá fẹ́ yà, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba igun wọlé, láàárín òkè àti ẹ̀gbẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan ojú jẹ. Ojú èèyàn gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ìsàlẹ̀ àwòrán wá, lẹ́tà tó wọ inú awọ lè dà bí èyí tó yọ síta. Nítorí náà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ni kí ẹ fi ṣe òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè àwòrán.

Bó bá jẹ́ alẹ́ ni ńkọ́? Iná orí tábìlì kan ti tó, bí ẹ bá lè gbé e rẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tọ́ọ̀ṣì inú fóònù mìíràn náà dára, kí ẹnì kejì máa bá yín dì í mú. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá le jù, ẹ na bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan gílóòbù tó ń gbóná. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń rìn lójú fóònù, gílóòbù náà ló ń ṣẹ́jú ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ dúró di ọ̀sán. Iná róbótó tí wọ́n fi ń ya fídíò kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì ló ti ń tàn, òjìji kankan kò ní ṣẹ́kù. Ó dára fún ojú èèyàn, kò dára fún lẹ́tà inú awọ.

## Bí ẹ ṣe jìnnà tó

Bí nǹkan bá kéré, ọkàn ẹni á ní kí ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ fóònù kò lè mú ohun tó sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 10 lọ, àwọn tuntun kan tí kámẹ́rà wọn tóbi tilẹ̀ nílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sún sẹ́yìn títí lẹ́tà yóò fi hàn ketekete, kí ẹ wá tẹ 2x.

Àwọn fóònù kan, bíi iPhone 13 Pro àti díẹ̀ nínú àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, máa ń bọ́ sórí lẹ́ǹsì tó ń wo gbígbòòrò fúnra wọn bí ẹ bá sún mọ́ nǹkan; àmì òdòdó kékeré yóò yọ lójú fóònù. Ó lè mú òwú kọ̀ọ̀kan dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà létí àwòrán máa ń wọ́, òjìji fóònù fúnra rẹ̀ sì máa ń bọ́ sórí ọjà. Ẹ lò ó fún òwú, kí ohun tí ẹ ń yà sì wà láàárín gbùngbùn. Ẹ má lò ó fún lógò, nítorí ìrísí lẹ́tà gan-an ni wọ́n fẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìka tẹ ibi tí ẹ fẹ́ kó hàn lójú fóònù, kí ẹ di ìka mú níbẹ̀ títí yóò fi dúró pa. Lórí iPhone, AE/AF LOCK ni ẹ ó rí. Ẹ wá fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ bí awọ bá dúdú, torí kámẹ́rà máa ń sọ ohun dúdú di eérú. Bí awọ bá funfun, ẹ fà á sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ẹ gbé ìgúnpá méjèèjì lé tábìlì, kí ẹ fi fóònù sí aago ìṣẹ́jú-àáyá 3, kí títẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ má baà mì ín.

## Ojú rírán

1. Ẹ yan ibi tí wọ́n ti rán ọjà tó máa ń sọ òótọ́: ìdí ọwọ́ báàgì, igun ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ síìpù, àti ibi tí òwú parí sí. Àárín ojú rírán gígùn kì í sọ púpọ̀, ẹ̀rọ ló rán an, ó sì máa ń dọ́gba lára ayédèrú náà.
2. Ẹ tẹ́ rúlà sí ẹ̀gbẹ́ òwú, láìbo ihò kankan. Ẹ mú fóònù dúró tààrà lókè rẹ̀, kí ojú fóònù àti ojú awọ dọ́gba. Àwòrán yìí ni olùyẹ̀wò yóò fi ka iye ihò tó wà nínú sẹ̀ntímítà kan.
3. Ẹ ya ìdí ọwọ́ báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá iye òwú ọ̀tún àti ti òsì bá ara mu.
4. Ẹ wá rẹ fóònù sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bíi dígíríì 45, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí ló máa fi hàn bóyá òwú wọ inú awọ tàbí ó kàn gbé orí rẹ̀.
5. Ẹ yí i padà, kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀.

Ẹ má na awọ kí òwú lè hàn. Bí ẹ bá nà án, ihò yóò gùn, àlàfo á sì yí padà. Bí òwú bá ti já níbì kan, ẹ ya ibẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sọ fún olùyẹ̀wò pé ó ti já tẹ́lẹ̀ tàbí pé ẹ ti gbé e lọ fún àtúnrán. Báàgì ojúlówó tí oníbàtà tún rán máa ń dà bí ayédèrú nínú àwòrán.

## Lógò

Fún lógò tí wọ́n tẹ̀ sínú awọ, ẹ ṣe ohun tí mo sọ nípa ìmọ́lẹ̀, kí fóònù sì dúró tààrà lókè rẹ̀. Bí fóònù bá tẹ̀ díẹ̀, O tó róbótó yóò di ẹyin, lẹ́tà òkè yóò sì kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀nà láti mọ̀: ẹ wo rúlà tàbí etí awọ nínú àwòrán, kí ó bá etí àwòrán dọ́gba.

Lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tàbí fàdákà yàtọ̀. Ó ń dán, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lè sọ ọ́ di dúdú, ti iwájú sì lè sọ ọ́ di funfun gbòò. Ẹ fi bébà funfun kejì sí òkè, lódìkejì fóònù, kí ẹ máa tẹ ọjà náà díẹ̀díẹ̀ títí wúrà yóò fi hàn bíi wúrà. Ẹ tún ya ọ̀kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lásán, nítorí olùyẹ̀wò fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà náà wọ inú awọ tàbí wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀.

Irin, bíi orí síìpù àti bọ́tìnì, máa ń fi ojú yín àti fóònù yín hàn bíi dígí. Ẹ fi bébà funfun yí i ká, kó jẹ́ bébà nìkan ni irin náà yóò rí. Bó bá ṣì ń dán jù, ẹ sún fóònù díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn orí síìpù, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí.

## Lébẹ́ẹ̀lì

Lébẹ́ẹ̀lì aṣọ máa ń ká. Ẹ fi ìka méjì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìfà á, kí ìka má bo òwú tó dì í mú. Ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gé e sí méjì, olùyẹ̀wò kò ní mọ̀ bóyá ọjà kan náà ni.

Fún bàtà eré ìdárayá, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì inú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti òsì, àti ti páálí, kí ẹ sì ya páálí pẹ̀lú bàtà pa pọ̀. Lára bàtà Nike, kóòdù irú ọjà máa ń rí báyìí: DD1391-100. Ó gbọ́dọ̀ bá ti páálí mu. Bó bá bá a mu, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ojúlówó, nítorí ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà lè da kóòdù kọ. Bí kò bá bá a mu, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Bí lébẹ́ẹ̀lì bá wà nínú àpò báàgì tó ṣókùnkùn, ẹ yí àpò náà síta bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi bébà funfun sí ẹnu àpò kó dá ìmọ́lẹ̀ sínú, dípò kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kàn án lójú.

Báàgì Louis Vuitton máa ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ èèyàn níbi yìí. Láti 2021 ni ilé-iṣẹ́ náà ti fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ojú kò rí rọ́pò kóòdù tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú báàgì. Bí ẹ bá wá kóòdù títí tí ẹ kò rí i nínú èyí tó jẹ́ tuntun, ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ya ibi tí ẹ ti wò.

## Àpẹẹrẹ kan: lẹ́tà dúdú lórí awọ dúdú

Ká sọ pé báàgì dúdú kan ló wà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n tẹ orúkọ sí awọ kékeré kan nínú rẹ̀, láìsí wúrà, láìsí àwọ̀. Èyí ló le jù.

Ẹ yà á lábẹ́ iná àjà: awọ eérú kan tó ṣófo lẹ rí. Ẹ tan fíláṣì: ojú funfun ńlá kan bọ́ sáàárín lẹ́tà. Ó yá, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ ṣí ẹnu báàgì sílẹ̀, kí ẹ ki aṣọ sínú rẹ̀ lábẹ́ awọ kékeré náà kó lè ga sókè, kó má fara pamọ́ sínú òjìji ògiri báàgì. Ẹ yí báàgì kí ìmọ́lẹ̀ gba igun òkè lápá òsì wọlé. Lẹ́tà ti ń yọ báyìí, ṣùgbọ́n awọ ṣì rí eérú. Ẹ tẹ orí lẹ́tà àárín, ẹ dì í mú, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí awọ yóò fi dúdú bó ṣe rí lójú yín. Etí lẹ́tà tó sún mọ́ fèrèsé wà nínú òjìji, etí kejì ń tàn fírífírí. Ìlà méjèèjì yìí ni olùyẹ̀wò yóò fi mọ bó ṣe jìn tó àti bóyá etí rẹ̀ mú tàbí ó ti rọ̀.

Ẹ súùmù sínú àwòrán náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ihò ara awọ bá hàn láàárín lẹ́tà, ó dára. Bí awọ bá rí jọ̀lọ̀ bíi rọ́bà, fóònù ti fi ọgbọ́n tirẹ̀ tún un ṣe nítorí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ẹ sún mọ́ fèrèsé sí i, kí ẹ tún un yà.

## Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́

WhatsApp máa ń dín àwòrán kù kó lè tètè lọ, ojú rírán ló sì kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. HD sàn díẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, torí bó ṣe wà nínú fóònù ló ṣe máa lọ. Ẹ rántí pé bó bá lọ báyìí, ibi tí ẹ ti yà á lè wà nínú fáìlì náà pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹlòmíì mọ ilé yín, ẹ pa lókéṣọ̀n kámẹ́rà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Ẹ má ya ojú fóònù láti fi àwòrán ránṣẹ́. Ẹ má gé e, ẹ má sì lo ohun tó ń mú etí nǹkan mú: ó máa ń fi ìlà funfun yí lẹ́tà ká, èyí sì jọ títẹ̀ tí kò dára. Ẹ bo orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà káàdì yín lórí rìsíìtì.

Kí ẹ tó tẹ ìránṣẹ́, ẹ wò ó bóyá ìwọ̀nyí pé:

- ọjà lódindi, iwájú àti ẹ̀yìn
- ìdí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú rúlà
- lógò méjì, ìmọ́lẹ̀ láti ibi méjì
- irin, iwájú àti ẹ̀yìn
- lébẹ́ẹ̀lì, iwájú àti ẹ̀yìn
- ọjà náà pẹ̀lú bébà kan tí ẹ fọwọ́ kọ déètì òní sí, bí olùyẹ̀wò bá béèrè ẹ̀rí pé ọwọ́ yín ló wà

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí olùyẹ̀wò ṣì ní òun kò lè sọ, ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn ayédèrú kan wà tó jẹ́ pé òórùn awọ, ìwọ̀n irin tàbí ẹ̀rọ inú báàgì nìkan ló lè tú wọn fó, kámẹ́rà kò sì mú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi pàtó tó ń kọ ọ́ lóminú, kí ẹ tún ibẹ̀ nìkan yà. Bó bá tún kọ̀, ọwọ́ ẹni tó lè gbé e wò ló kù kí ẹ gbé e lọ.